Oògùn Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Sí Ìdí Àmù

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1980, èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìwó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo agboolé ń pè ní Alhaja, ń gbé ní ilé bàbá wọn, kò jìnnà sí tiwa. Wọ́n ti ta obì dé Kánò, wọ́n sì ní èjí gbòòrò kan láàárín eyín iwájú, èyí tí wọn kì í fi pamọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, èrìgì wọn wú, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà eyín kan ní Ìbàdàn sọ pé fítámìn C ni kò tó wọn lára, nítorí wọ́n ti pa ọsàn àti ohun kíkan gbogbo tì, wọ́n ní inú ń ta wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa lo fítámìn náà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìyàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá padà wá, òun yóò yọ eyín iwájú tí ó ń mì. Ọmọ wọn fi ìgò fítámìn C kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, pẹ̀lú ìgò oògùn inú kan.

Wọ́n lò ó títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé kí n sin àwọn lọ yọ eyín, mo ní kí n kọ́kọ́ rí oògùn náà.

Wọ́n mú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àmù wà lórí iyanrìn tútù. Igbá kan tí ó ní ìdérí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni oògùn wà. Ó yẹ kí ó funfun, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n, ó ti ní àmì bí ìpẹtà, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, òmíràn sì fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo béèrè ìgò rẹ̀. Oyin ni wọ́n ti rọ sínú rẹ̀, nítorí pé ìdérí rẹ̀ le dáadáa.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi ní kí n má jẹ́ kí ooru mú un. Ìyàwó, ibo ni ooru kì í dé nínú ilé yìí bí kò ṣe ìdí àmù? Àbí abẹ́ páànù ni o fẹ́ kí n gbé e sí?”

Mo ṣàlàyé pé wọ́n ṣe dáadáa ní ti ooru, ṣùgbọ́n amọ̀ a máa làágùn, ọ̀rinrin rẹ̀ a sì máa wọ inú oògùn. Bí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá ti bá fítámìn C, agbára rẹ̀ ni yóò máa lọ. Kò sì sí ẹni tí ó lè fojú wo ìwọ̀n èyí tí ó kù.

“Déètì ara ìgò kò tíì pé. Ṣé àwọn tó ṣe é kò kàwé tó ọ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò tí wọ́n dé pa ni wọ́n kọ déètì yẹn fún, kì í ṣe igbá.”

Wọ́n ṣáájú mi gun òkè lọ. Oògùn inú ní tirẹ̀ wà nínú àpótí onírin lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ páànù gan-an. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín abẹ̀mí tí ó ń ṣe ìfun lóore ni ó wà nínú rẹ̀, pé fíríìjì ni ìwé rẹ̀ ní kí a fi sí, àti pé ooru ti lè pa wọ́n, bóyá nínú àpò ìfìwéránṣẹ́ pàápàá.

Alhaja wò mí. “Òkú ni ọmọ mi wá kó ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó?”

Ní ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn, mo sìn wọ́n lọ sí Ìbàdàn, mo sì gbé igbá náà dání. Dókítà ti tẹ́ irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí ó wo ohun tí aláìsàn náà ti ń lò kí ó tó fọwọ́ kan eyín. Ó ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì. Inú rẹ̀ náà ti pọ́n. Ó bo irin rẹ̀, ó fún wọn ní fítámìn tuntun nínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa jẹ ìbẹ́pẹ, nítorí kò kan. Alhaja fẹ́ kí n bá wọn fi ìgò sí fíríìjì mi. Mo kọ̀: bí a bá ń ṣí ìgò tútù nínú afẹ́fẹ́ òjò, ìrì ni yóò máa sẹ̀ sínú rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wọn ni ó wà, ní dídé pa, ó jìnnà sí omi àti sí iná.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a padà lọ, dókítà fi ìka rẹ̀ mi eyín náà wò, ó sì ní òun kò ní yọ ọ̀kankan. Alhaja dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ibùdókọ̀, wọ́n ra àgbàdo sísun kan, wọ́n sì ń fi eyín iwájú ya á ní ẹsẹẹsẹ títí a fi dé Ìwó, láìfi lọ̀ mí.