Èrè Ẹni Tí Kì í Yáwó

Mi-ò-yáwó la máa ń pe káfíńtà àdúgbò wa. Ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, àmọ́ kò yáwó rí, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti fi fọ́nnu. Etí wa ti kún.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín èrè ọdún, iwájú ló jókòó sí pẹ̀sẹ̀. Akápò wa, ìyá aránṣọ, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sí àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́. Ó san èlé fún kálukú lórí ṣíà, ìyẹn owó ìdókòwò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ó wá pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí èlé tí kálukú san lórí owó tó yá lọ́dún náà.

Mi-ò-yáwó gba èlé ṣíà rẹ̀, ó tún tẹ́wọ́. Kò sí nǹkan kan mọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì, onígbèsè paraku, ló gbà jù.

"Akápò, ṣé onígbèsè lẹ wá ń ta lọ́rẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, èlé tí wọ́n san ló di èrè. Owó wọn la dá padà."

Mi-ò-yáwó sún mọ́ tábìlì akápò.

"Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó."

"Kí lẹ fẹ́ fowó ṣe?"

"Mi ò fẹ́ fowó ṣe nǹkan kan. Èlé ni mo fẹ́ san."