Orúkọ Ẹni Tó Fi Owó Ránṣẹ́

Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Dúró ná" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. POS ni mò ń ṣe, ẹni tó bá ń kánjú nídìí POS, gbèsè ni yóò kó lọ sílé.

Bí o bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi, wàá fi iye náà ránṣẹ́ láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ sínú tèmi, èmi á yọ owó iṣẹ́ mi, màá sì ka ìyókù fún ọ. Ṣùgbọ́n dúró ná. N kò ní wo àláàtì orí fóònù rẹ, nítorí àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Orí áàpù tèmi ni màá ti wò ó bóyá owó ti wọlé, màá sì wo orúkọ tó bá a wá. Bí orúkọ ọkùnrin bá jáde, tó sì jẹ́ obìnrin ló dúró síwájú mi, ó ní láti ṣàlàyé kí n tó fọwọ́ kan owó. Píìnì rẹ ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ ni wàá tẹ̀ ẹ́. Má wá sọ ọ́ sí mi létí.

Àwọn èèyàn rò pé owó máa ń rin ìrìn àjò. Kò lọ síbì kankan. Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, ilé-iṣẹ́ yẹn á yọ iye náà kúrò lórúkọ ẹnì kan, á fi kún ti ẹlòmíràn, ó parí. Bí ilé-iṣẹ́ bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà kan wà láàrin wọn tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni owó ti máa ń há nígbà mìíràn: ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rán an, kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibi tí owó bẹ́ẹ̀ máa ń wà máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Màmá kan wà láàrin àwọn oníbàárà mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì, tí ojú rẹ̀ kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, ló ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìparí oṣù. Màmá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á bèèrè ulé, á bèèrè uṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà á na fóònù sí mi. "Kà á fún mi. Ta ló fi ránṣẹ́?" Màá pe orúkọ ọmọ náà àti ti baba rẹ̀, á mi orí, á wá tẹ píìnì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọmọ yìí wá bá mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kú, jàǹbá ọkọ̀ ni, wọ́n sì ti sin ín. Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ta ló fẹ́ tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru? Wọ́n sọ fún un pé ó lọ sílẹ̀ òkèèrè, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Fóònù òkú wà lọ́wọ́ àbúrò, ó mọ píìnì rẹ̀, láti inú rẹ̀ ló sì ń fi owó ránṣẹ́ sí Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó jáde lẹ́nu yín."

Mo bú u, mo ní akáǹtì òkú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré, pé kí wọ́n lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́lẹ́ẹ̀tì náà. Àmọ́ mo gbà láti dákẹ́. Ọ̀ràn abiyamọ ni.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí bí Màmá bá ti yọ. Fọ́tò kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó rán owó, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín nínú tirẹ̀. Màá pe orúkọ òkú lọ́sàn-án gangan, lójú ọjà, ìyá rẹ̀ á mi orí. Nígbà kan, owó náà wọlé bí a ṣe jọ jókòó, fóònù gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ rẹ̀. "Òun nìyẹn," ni Màmá wí.

Ó wá di ìparí oṣù kan, àbúrò sáré dé ní òwúrọ̀. Áàpù orí fóònù òkú ti yarí, kò jẹ́ kí owó jáde, ojú ẹni tó ni wọ́lẹ́ẹ̀tì gan-an ló ní òun fẹ́ rí. Ó ti mú fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, fọ́tò ńlá tó ní férémù. Kí n tó lanu, ó ti gbé e síwájú fóònù. Áàpù ní kí ó ṣẹ́jú. Fọ́tò ń wò wá. Áàpù tún ní kí ó ṣẹ́jú. Mo búra, èmi náà tẹjú mọ́ ọn, mò ń dúró kí ó ṣẹ́jú.

"Gbé e kúrò níwájú mi!" Mo pariwo débi pé àwọn ọlọ́kadà yíjú. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń gba owó òkú, kì í ṣe férémù!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi owó náà ránṣẹ́ láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún. "Ibẹ̀ ni kí ẹ kà fún un," ló wí, ó sì lọ.

Ohunkóhun ni èèyàn lè kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó rán owó, ti ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni, kò ṣeé yí. Tí mo bá ka èyí tí wọ́n kọ, mo ti purọ́ nínú iṣẹ́ mi. Tí mo bá ka òtítọ́, èmi, àjèjì láti Ògbómọ̀ṣọ́, ni yóò tú ikú ọmọ fún ìyá rẹ̀.

Màmá dé lọ́sàn-án, ó na fóònù sí mi. "Ta ló fi ránṣẹ́?"

Mo pe orúkọ àbúrò.

Màmá kò ké. Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n ti jẹ́ kó sinmi. Wo bí wọ́n ṣe ń rán òkú níṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá."

"Màámi, ẹ mọ̀?"

"Ọmọ tí mo bí kì í fowó ránṣẹ́ kó má pè mí kó bú mi pé n kò jẹun." Ó tẹ píìnì rẹ̀. "Má sọ fún àbúrò rẹ̀ pé mo mọ̀. Ó ń ṣe bí akin nítorí mi, bó bá mọ̀ pé mo ti gbọ́, á wó lulẹ̀."

Mo wo áàpù mi, owó ti wọlé, orúkọ Màmá ló wà níbẹ̀. Mo ka owó fún un. Ó so ó mọ́ igun aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó tún sún ẹnu mọ́ etí mi.

"Wọn ò lè sọ fún mi nílé, n ò sì lè bi wọ́n. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí?"

Mo sọ òótọ́ fún un: n kò mọ̀.