Ìkéde Iṣẹ́ tó Di Ìsọjí ní Festac

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Ẹ̀bùnlọlá. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín dé géètì rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó dáhùn "ẹ káàárọ̀" tó kí yín, á ti sọ bí gáàsì ṣe tán lánàá, bí kòkòrò ṣe bu ú jẹ lẹ́sẹ̀, àti àwọ̀ ìgbẹ́ tí ọmọ yín yà lọ́jọ́ Túsìdeè. Àwọn ìyá ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì ló fi ṣe krẹ́ẹ̀ṣì nísàlẹ̀ ilé alájà kan ní Fifth Avenue, Festac. Ọmọ mọ́kànlá ló ń tọ́jú níbẹ̀, òun pẹ̀lú Rosaline, ọmọ Kàlàbá tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin.

Àfi bí Rosaline ṣe ní òun ti rí ọkọ! Ayọ̀ ńlá ni, Ẹ̀bùn jó, ó tún sunkún díẹ̀. Kàlàbá ni ọkọ wà, Fraidé sì ni Rosaline máa lọ pátápátá. Ta ló máa bá òun gbé ọmọ mọ́kànlá? Ọwọ́ méjì péré l'Ọlọ́run fún èèyàn.

Ló bá gba Agboju lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Adéjùwọ́n, ọmọkùnrin tó máa ń tẹ̀wé tó sì máa ń ya páálí ìkéde.

Ẹ gbọ́ ná, kí ẹ mọ irú ẹni tí Adéjùwọ́n jẹ́. Nínú páálí mẹ́wàá tó bá tẹ̀, mẹ́sàn-án jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsọjí, àṣálẹ́ ìyìn, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, òun ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ohunkóhun láìfi mànàmáná sí i. Páálí tó ṣe fún olóògùn eku lọ́dún tó kọjá, iná ń jáde lẹ́nu eku.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"

"Ṣáà jẹ́ kó fani mọ́ra," ni Ẹ̀bùn wí. "Kó jẹ́ pé ẹni bá rí i á fẹ́ wá. Ọmọge tó mọ́ tónítóní, tí ojú ẹ̀ ń dán, tí ara ẹ̀ yá."

"Owó oṣù ńkọ́?"

"Má kọ iye. Kọ pé ó dáa."

Adéjùwọ́n gba owó ẹ̀, ó ṣe é. Ó bèèrè fọ́tò, Ẹ̀bùn fún un ní èyí tó ti gbé fídà ọmọ súnmọ́ ẹnu, tó ń wò ó bóyá mílíìkì náà ti tutù. Nígbà tí páálí jáde, ohun tó wà lára rẹ̀ rèé:

"ÀSÌKÒ RẸ TI DÉ! Ṣé o ti ń retí iṣẹ́ tipẹ́? Wá gba tìrẹ! Arẹwà obìnrin, ọmọ ogún ọdún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí kò tíì lọ́kọ, tó kún fún iná! Owó oṣù: ohun tí ojú kò rí rí! Sátidé, aago mẹ́sàn-án, Fifth Avenue, Festac. Máa bọ̀ tìwọ tọ̀rẹ́ rẹ!"

Fọ́tò Ẹ̀bùn wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ ń bú jáde lẹ́yìn orí ẹ̀, fídà ọmọ sì dà bíi maikirofóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti kọ "ọmọ" tàbí "krẹ́ẹ̀ṣì". Ẹ̀bùn wò ó, ó ní òun ò mọ̀ pé òun lẹ́wà tó báyìí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Agboju títí dé Ijegun-Egba.

Sátidé dé. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, èèyàn mẹ́tàlélógójì ti wà lẹ́nu géètì.

Ọ̀kan gbé tanborín lọ́wọ́, ó ní òun wá kún ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọkùnrin kan tó kàwé nípa òkúta ilẹ̀ gbé fáìlì nípọnnípọn wá, ó ní "ohun tí ojú kò rí rí" kò gbọdọ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ọmọge kan wọ bàtà gogoro, ó ń bèèrè ibi tí kámẹ́rà wà. Àwọn tó kù, wọ́n di ìgò òróró mú, wọ́n ń retí kí "Màmá" jáde wá gbàdúrà. Nígbà tí Ẹ̀bùn jáde, bàbá kan kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde jàre! Ẹni tó máa bá mi gbé ọmọ ni mò ń wá!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn dáhùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló wà ní krẹ́ẹ̀ṣì lọ́jọ́ náà, Ìyìn, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ìyá ẹ̀, Ṣìmí, ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bí Ìyìn ṣe gbọ́ "àmín" yẹn, ó figbe ta. Ẹ ò tíì gbọ́ igbe Ìyìn rí, ẹ máa dúpẹ́. Rosaline gbé e, rárá. Ẹ̀bùn gbé e, ó tún peléke. Obìnrin gíga kan tó lé lógójì ọdún, tó fi ìborùn aláwọ̀ àlùkò wérí, ló ki ìgò òróró ẹ̀ bọ àpò, tó na ọwọ́, tó gba ọmọ, tó pọ̀n ọ́n, tó sì ń kùn hùn-ùn-hùn rọra. Kí èèyàn tó ka ogún, Ìyìn ti ń hanrun.

Nígbà tí wọ́n wá ṣàlàyé pé kò sí àdúrà, obìnrin náà rọra gbé ọmọ sílẹ̀, ó kí wọn, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ. Nínú mẹ́tàlélógójì, Ẹ̀bùn kò rí ẹyọ kan mú. Àwọn arẹwà tó wá, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé páńpásì wà nínú ẹ̀, wọ́n rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná nílé.

Aago mẹ́rin ni Ṣìmí dé láti gbé ọmọ ẹ̀. Ẹ̀bùn ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù kọjá níwájú ilé yìí. Ní báyìí, ọ́fíìsì kan ní Àpápá ló wà, ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́. Ó ka páálí náà lára géètì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Àǹtí Ẹ̀bùn, ṣé ẹ fẹ́ẹ́ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín o. Bí mi ò bá réèyàn kí Fraidé tó pé, mo máa dá ọmọ mẹ́fà padà sílé. Èmi nìkan ò lè tọ́jú mọ́kànlá, kò sì dáa."

Ẹ̀rín bọ́ lójú Ṣìmí. Ó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wà nínú mẹ́fà náà. Ẹni tó ń ké bíi síréènì ni. Ìyá ọkọ òun ní Ìkòròdú nìkan ló kù tó lè gba ọmọ, ìyẹn á sì fún un ní àgbo.

"Ẹ mú bírò wá," ló wí.

Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Àǹtí, láti aago méje àárọ̀, kí ni ẹni yẹn máa ṣe? Ẹ má sọ irú èèyàn tó jẹ́. Ohun tó máa ṣe ni kẹ́ ẹ sọ."

"Á gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Á fún wọn lóúnjẹ, á pààrọ̀ páńpásì, á fọ àwọn fídà á sì bọ̀ wọ́n lómi gbígbóná, á kọ sínú ìwé ohun tí ọmọ jẹ àti ìgbà tó sùn."

"Ẹ̀hẹ́n! Nínú gbogbo iyẹn, ibo lẹwà ti wúlò?"

Ẹ̀bùn ronú. "Kò wúlò. Ọmọ á kàn fa wíìgì yọ ni."

"Tí kò tíì lọ́kọ ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹni tó lọ́kọ á máa pẹ́ dé."

"Ẹ kọ pé aago méje ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò bá lè dé láago méje, á mọ ara ẹ̀. Ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Fi ọjọ́ orí mi sílẹ̀."

"Ẹ fa tiwọn náà kúrò."

Wọ́n fà á kúrò. Ṣìmí ní kí wọ́n ya ohun tó pọndandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn wù wọ́n. Ó pọndandan kó ti tọ́jú ọmọ ọwọ́ rí, ìbáà jẹ́ tiẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíì. Ó pọndandan kó lè kàwé, nítorí oògùn àti ìwé àkọsílẹ̀, kó sì ní ẹni méjì tí wọ́n lè pè láti bèèrè nípa ẹ̀. Bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó dáa, àmọ́ tí kò bá gbọ́, àwọn ọmọ náà ò gbọ́.

Ibi owó ni wọ́n ti fẹ́ẹ́ jà.

"Ṣìmí, bí mo bá kọ iye, wọ́n á mọ̀ pé kò pọ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé wọn, kó má jẹ́ lẹ́nu géètì yín. Onífáìlì tí ẹ ní ó wá yẹn gbéra láti Abúlé Adó nítorí pé ẹ ò kọ ọ́. Kí lẹ lè san, tí kò ní mú yín gbàwìn?"

Ẹ̀bùn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bíi pé ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣìmí ní ó dáa, kí wọ́n kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè gbà jù.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Adéjùwọ́n. Ó kà á, ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Àǹtí, kò sí 'Wá gba tìrẹ' níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ jẹ́ n fi mànàmáná kékeré kan sí kọ̀rọ̀."

"Adéjùwọ́n!"

"Iná àbẹ́là ńkọ́?"

Ohun tó tẹ̀ jáde nìyí, dúdú lórí funfun, tó dun ún dé ọkàn:

"A ń wá olùtọ́jú ọmọ ọwọ́ ní krẹ́ẹ̀ṣì, Fifth Avenue, Festac. Iṣẹ́: fífún ọmọ lóúnjẹ, pípààrọ̀ páńpásì, fífọ fídà, rírẹ ọmọ lẹ́kún, kíkọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Mọ́ńdè sí Fraidé, aago méje àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Sátidé kan lóṣù. Owó oṣù: ₦90,000 sí ₦110,000, bí ìrírí bá ṣe tó. Ó gbọ́dọ̀ ti tọ́jú ọmọ ọwọ́ rí, kó lè kàwé kó sì kọ ọ́, kó ní ẹlẹ́rìí méjì. A kò gba owó fọ́ọ̀mù. Fi orúkọ, àdúgbò àti ìrírí rẹ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè."

Èèyàn méje péré ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ̀bùn pe Ṣìmí. "Mẹ́tàlélógójì di méje!"

"Àǹtí, ẹ kà wọ́n," ni Ṣìmí wí lórí fóònù.

Ó kà wọ́n. Márùn-ún ti tọ́jú ọmọ rí lóòótọ́. Ó pe àwọn ẹlẹ́rìí wọn, ó sì ní kí ẹni méjì tó dáa jù wá fi ìdajì ọjọ́ Tọ́sìdeè ṣiṣẹ́ níṣojú Rosaline, òun á sanwó ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dáa, àmọ́ nígbà tí Ìyìn bẹ̀rẹ̀, ó ní etí ń dun òun. Ẹnì kejì wọlé láago mọ́kànlá. Ìborùn aláwọ̀ àlùkò!

"Ẹ̀yin ni!" Ẹ̀bùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fídà sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ Adébùnmí?"

"Èmi ni, mà. Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, mo sì ṣe ọdún mẹ́fà ní krẹ́ẹ̀ṣì kan kí olówó ẹ̀ tó kó lọ."

"Ẹ wà níbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò sì sọ̀rọ̀!"

Adébùnmí wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kọ ọ́ pé arẹwà, ọmọ ogún ọdún. Mo wo ara mi nínú dígí, mo ní, Adébùnmí, àdúrà ni kó o lọ gbà."

Ẹ̀rín pa Rosaline, ó fara ti ògiri. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, Ìyìn la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Adébùnmí gbé e sẹ́yìn, ó fún ọ̀já, hùn-ùn-hùn. Ẹnu tó là náà, ó fi yán ni.

Lọ́jọ́ Fraidé, Rosaline fa ìwé àkọsílẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó dì mọ́ gbogbo ọmọ mọ́kànlá, ó lọ bá ọkọ ẹ̀. Wọn ò dá ọmọ kankan padà sílé, Ìkòròdú kò sì rí Ìyìn fún ní àgbo. Páálí àtijọ́ nìkan ló kù lára géètì, nítorí pé àtè tí Adéjùwọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò fẹ́ẹ́ ṣí. Títí di òní, bàbá tó kúnlẹ̀ yẹn ṣì máa ń dúró níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀bùn á yọjú lójú fèrèsé, á gbé fídà lọ́wọ́, á ní, "Bàbá, a ti réèyàn gbà o!"

"Àmín!" ni bàbá á dáhùn.