Lẹ́tà Tó Gbọ́dọ̀ Gba Ọwọ́ Ẹni Tí Mo Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Akọ̀wé ẹ̀ka wa ní yunifásítì na lẹ́tà náà padà sí mi, ó sì tọ́ka sí ibi tí olórí ẹ̀ka ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ ẹ̀ka.

"Màdámù, kò lè lọ báyìí. E no go work. Ẹ ò fi orúkọ alábòójútó yín sí i. Ọwọ́ wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, kó tó dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, kó tó wá dé PG."

"Alábòójútó wo?" Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn bi í ni.

"Ẹni tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ náà ni."

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin tó wà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ni: lẹ́tà yòówù kí o kọ sí PG, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga, alábòójútó rẹ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí o bá ń tọrọ ààyè, yóò fọwọ́ sí i. Bí o bá ń wá àfikún àkókò, yóò fọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ pé òun gan-an lo fẹ́ sá fún, wàá gbé ìwé ìsálọ náà lọ bá a, yóò kọ èrò tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka tó lè jókòó lé e lórí. Mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo fẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún, mo kúkú ká lẹ́tà náà sínú báàgì mi.

Mo ń ṣe olùkọ́ nígbà náà ní ilé ìwé gíramà kan ní Ìkàrẹ́. Ọdún kẹfà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Ohun tí mo ń ṣe ìwádìí lé lórí ni bí àwọn obìnrin àgbẹ̀ ìlú Ṣóṣan àti Epinmi ṣe ń tọ́jú èbù iṣu láti ọdún dé ọdún. Mo ti fẹsẹ̀ rìn wọ oko wọn títí bàtà mi mẹ́ta fi já. Mo kọ orí kìn-ín-ní dé ìkẹta, Prọ́ọ̀fù, alábòójútó mi, kà wọ́n, ó sì dá wọn padà fún mi ní ọ́fíìsì. Mo wá gbé orí kẹrin, tó jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́ náà, fún Prọ́ọ̀fù, ni ilẹ̀ bá dákẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti PG pé bí n kò bá kó gbogbo iṣẹ́ mi wá fún wọn kí sáà tó ń bọ̀ tó parí, wọn yóò yọ orúkọ mi kúrò. Ọdún mẹ́fà yóò wá di àlá tí mo lá.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ bá bàbá náà kí n béèrè. Ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Prọ́ọ̀fù àti bàbá mi ni wọ́n jọ lọ ilé kéú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, lábẹ́ àfáà kan náà. Bàbá mi di àfáà ní Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kọ́lé sí Ọ̀kà ìlú rẹ̀. Òun ló ní kí n wá ṣe ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ òun. Èèyàn kì í lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà irú àgbà bẹ́ẹ̀ kó ní, "Iṣẹ́ mi dà?" Àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo ń fi ránṣẹ́. Mo kí i kú oṣù ààwẹ̀. Mo kí i kú ọdún iléyá. Mo kí i pé a kú ọjọ́ mẹ́ta, pé Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ó ń dá mi lóhùn nígbà gbogbo: "Àmín, ọmọ mi." Bí mo bá rí "àmín" yẹn, inú a máa bí mi gan-an. Mo gbà pé ó mọ ohun tí mo ń béèrè, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Inú yẹn ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Mo ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka wa, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun yóò gbà mí, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kan ìwé kankan títí alábòójútó àkọ́kọ́ yóò fi tú mi sílẹ̀. Mo wá jókòó, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà náà, mo sì kọ ìdí mi. Mo lè kọ pé àsìkò ń lọ. Mo lè kọ pé àìlera ẹsẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n máa wá ọ́fíìsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí èmi ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ pé láti oṣù mẹ́rìnlá, alábòójútó mi kò ṣí iṣẹ́ mi wò. Mo fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà.

Bàbá mi wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un pé mo ń lọ sí Ọ̀kà, àti ohun tí mo ń lọ ṣe. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé ìwé ni wọ́n fi ń bá ẹni bẹ́ẹ̀ wí?"

"Bàbá, wọ́n fẹ́ lé mi kúrò."

"O ò sọ fún mi. Ǹ bá ti lọ bá a."

"Ẹ bá mi lọ nísinsìnyí."

Ó mi orí. "O ti kọ ọ́ ná. Lọ gbé e fún un fúnra rẹ."

Mo wọ ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́. Àwọn òkè àpáta ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, mo ń tún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ tò, ó ń tú mọ́ mi lẹ́nu. Lóòótọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú ńkọ́? Bó bá kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé aláìmoore ni mí, ìgbìmọ̀ wo ni yóò gbọ́ tèmi? Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀kà, mo tún dúró, mo ra omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí.

Ó wà ní ìta ilé rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó fi ẹnu Ọ̀kà pariwo sínú ilé pé ọmọ àfáà dé, ó sì ń sáré lọ gbé àga. Mo kúnlẹ̀. Prọ́ọ̀fù ní, "A à rí ẹ. Ṣé àlàáfíà ni?" Ó tújú ká gan-an. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ìyẹn sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

N kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo kàn fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún un.

Ó wọ awò ojú. Ó kà á tán, ó tún padà sí òkè. Nígbà tó dé ibi tí mo fi ìlà sí, mo rí i pé ó dúró níbẹ̀. Ó yọ awò náà, ó nù ún.

"Ìyá," ó pe ìyàwó rẹ̀, "bá mi gbé fáìlì búlúù tó wà lórí tábìlì."

Orí kẹrin mi ló wà nínú fáìlì náà. Bírò pupa wà lára rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ti fa ìlà, ó ti béèrè ìbéèrè, ó ti tún àtẹ mi kan ṣe lẹ́yìn ìwé. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn, ó kọ ọjọ́ tó parí rẹ̀ sí i. Oṣù kejì lẹ́yìn tí mo gbé e fún un ni.

"Ta ni kí n gbé e fún?" ó bi mí. "Mo sọ fún gbogbo yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan nù rí lọ́wọ́ akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi sí ọwọ́ ọmọ ni. Mo ní bó bá ti tó oṣù kan, kí ẹ wá sílé."

Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń sọ kí ọmọ má bàa bẹ̀rù. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í gbà á gbọ́.

"Sà, mo ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́."

"O ń kí mi. Mo ń jẹ́ ọ."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ pé kí ọmọ máa sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún àgbà. Èmi ń dúró dè é kó pè mí, òun ń dúró dè mí kí n wá, ọ̀wọ̀ sì ń gbà wá lákòókò lọ. Mo na ọwọ́ sí lẹ́tà náà, mo ní kí ó jẹ́ kí n ya á.

Ó fà á sẹ́yìn. "Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka. Bí o bá ya èyí, ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Màá kọ òmíràn. Màá ní mo ṣì í kọ."

"Ọmọ mi, ẹni tó bá lè kọ èyí nípa mi, báwo ni n óò ṣe máa wí fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, tí yóò gbà mí gbọ́?" Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo. "Jẹ́ kí n buwọ́ lù ú. Àkókò rẹ ti lọ tó."

Ó gbé ìwé náà lé orúnkún, ó kọ èrò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé òun kò lòdì sí i, pé òun ti ka orí kẹrin, òun sì ti dá a padà fún akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. "Lónìí" ló kọ. Kò kọ ìgbà tó kà á tán. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò rò pé mo jàre. Ó kó lẹ́tà àti fáìlì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí dókítà náà má fojú fo ojú ìwé kọkànlélógún, ibẹ̀ ni àṣìṣe tó le jù wà.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka gbà á, PG fọwọ́ sí i, dókítà náà sì tẹ̀ lé àtúnṣe bírò pupa yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kó iṣẹ́ mi fún wọn kí sáà tó parí. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo padà dé Ìkàrẹ́, bàbá mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Kò béèrè bóyá Prọ́ọ̀fù buwọ́ lu lẹ́tà náà. Ó wo fáìlì tó wà lápá mi, ó wo ojú mi.

"Kí ló ní kí o wí fún mi?"

Kí ọ̀rọ̀ orí kẹrin yìí tó dé, ní gbogbo ọdún tí mo fi ń lọ kí wọn nílé náà, n kò jáde níbẹ̀ rí kí Prọ́ọ̀fù má ní kí n kí ọ̀rẹ́ òun. Irọ́ ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo wò ó, n kò lè pa á.

"Kò ní kí n kí yín, Bàbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wá fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀kà.