Ìṣẹ́kù Méjì Nínú Ìgò Kan

Bí ohùn mi bá le, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ilé-ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Funfunníyì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi, nítorí kò sí àbàwọ́n tó lè sá pamọ́ fún un. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Búlíìṣì kilorínì, ìyẹn olómi tó ń bó àbàwọ́n, omi tútù la fi ń là á, aṣọ òwú funfun nìkan ló wà fún, kò gbọdọ̀ kan sílíìkì tàbí aṣọ onírun àgùntàn, aṣọ ò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú ẹ̀. Búlíìṣì ọ́síjìn tiwa, ìyẹn oníyẹ̀fun, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́, a lè rẹ aṣọ sínú ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí ọ̀kan bá ti kan aṣọ, a ó ṣàn án dáadáa kí èkejì tó kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé nítorí aṣọ nìkan lòfin yẹn ṣe wà. Ta ló sọ ti ìgò fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ibi yòówù káwọn méjèèjì ti pàdé, wọ́n á gbóná, wọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ jáde, agbára àwọn méjèèjì á sì bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a ń palẹ̀ ibi ìkẹ́rù mọ́, ó rí kilorínì díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ó rí ìṣẹ́kù yẹ̀fun nínú àpò. Ṣebí bá a ṣe ń da ìṣẹ́kù ọṣẹ pọ̀ nìyẹn? Ó da yẹ̀fun sínú ìgò. Nígbà tó ń hó, ó yára dé e pinpin kó má baà ṣòfò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò yẹn ń wú o!"

"Fara balẹ̀ jàre." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti tú ọmọrí.

Yéè! Ọmọrí fò, gbogbo ẹ̀ tú sí i lójú.

Mo wọ́ ọ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fìka la ìpéǹpéjú ẹ̀, omi ń ṣàn sí i lójú títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Dókítà ní omi yẹn ló gba ìwọ̀nba tó kù là. Ojú ọ̀tún ti lọ. Tòsì, òjìji ló ń rí.

Ọ̀gá gbà kó padà wá máa ká aṣọ. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń yẹ èyí tó bá ká wò, tí mò ń yọ àwọn tó lábàwọ́n láìjẹ́ kó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, kí n tó débẹ̀, ọ̀gá ti tú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan. Àbàwọ́n tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín ẹ̀.

Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Mọ́mì, kí lèyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ó mọ́ kẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe funfun ni?"

Ọ̀gá wò mí. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Bá a ṣe ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Àbúrò, ṣebí ó mọ́?"

Mo ní ó mọ́.