Ta Ló Ń Bọ́ Màámi?

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni èmi àti ọkọ mi máa ń jókòó sídìí tábìlì ìjẹun láti kọ fọ́ọ̀mù owó orí wa. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti máa ń yọ owó orí lára owó oṣù wa kó tó dé ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ iye tí wọn yóò yọ. Òun la fi ń sọ fún ìjọba pé ẹrù báyìí báyìí wà lọ́rùn wa, kí wọ́n lè yọ apá kan owó tí à ń gbà sọ́tọ̀, kí wọ́n má gba owó orí lórí rẹ̀. Àláwáǹsì ni gbogbo wa ń pè é.

Ọkọ mi ló máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ. Mẹ́rin ni òfin ìgbà náà gbà, a ò sì bí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ti wà nínú fọ́ọ̀mù bàbá, ìyá ò tún lè gba àláwáǹsì lórí rẹ̀ lódindi. Nítorí náà, ohun tó kù fún mi kò pọ̀: èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, owó ìṣúráǹsì tí mò ń san lórí ẹ̀mí ara mi, àti Màámi. Owó ìfẹ̀yìntì ò sí níbẹ̀ rárá. Ìjọba ló ń dá owó ìfẹ̀yìntì àwa olùkọ́ san nígbà náà, wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù wa fún un, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba àláwáǹsì lórí owó tí kò san.

Opó ni Màámi. Ilé bàbá wa ní Aké ló ń gbé. Ọṣẹ àti kẹrosín ló ń tà níwájú ilé tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó di pé kò mọ owó kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, tí àwọn oníbàárà kan sì ń fi ìyẹn rẹ́ ẹ jẹ, ó palẹ̀ ọjà mọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan, tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló ń bá a gbé. Òṣìṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà ní ọsibítù. Òun ló ń tún bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ṣe, òun ló sì ń nu wọ́ọ̀dù. Lójú tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwa la ń ṣe ọmọ náà lóore. Ṣebí inú ilé bàbá wa ló ń gbé láìsan owó ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, Ìtòrí ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá a tó jókòó sí pálọ̀ wa. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ gèlè.

"Ṣé ìwọ náà kọ orúkọ Màámi sínú fọ́ọ̀mù owó orí rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́. Kí ló dé?"

Ilẹ̀ ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ní kó lọ gba ìwé tó fi hàn pé ó ń san owó orí. Ìgbà tí wọ́n ń yẹ fáìlì rẹ̀ wò ni akọ̀wé kan rí i pé ìyá kan náà ló wà lórí fọ́ọ̀mù tèmi. Wọ́n dá ìwé rẹ̀ dúró, wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá.

"Èmi ni àkọ́bí," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló fi páànù tuntun kan ilé yẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ṣé páànù ni Màámi ń jẹ?"

Ọkọ mi wúkọ́ díẹ̀, ó ní òun ń lọ bu omi mu. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, kò sì jẹ oúnjẹ tí a gbé fún un.

A rò pé a máa yanjú rẹ̀ láì jẹ́ kí Màámi gbọ́. Àmọ́ ta ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ ní Aké? Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi.

"Èmi lẹ fẹ́ lọ pín ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ ò sì ní pè mí síbẹ̀?"

"Màámi, kì í ṣe pé a fẹ́ pín yín. Ọ̀rọ̀ owó orí ni."

"Màá lọ."

Ó sì lọ. Takisí la wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Ìbarà, èmi, òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀ tó gba àyè níbi iṣẹ́ láti lè máa dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ṣáájú wa. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú, tó dé fìlà funfun, ló pè wá wọlé. Ó dìde fún Màámi, ó fa àga fún un.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú pé a jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀."

Ó ṣí fáìlì àwa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n mi. Owó ìfẹ̀yìntì tí ilé iṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù rẹ̀ tọ́, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi bírò fa ìlà sí ìṣúráǹsì kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbà lórí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí ara ẹni tàbí ti ìyàwó ẹni ni òfin mọ̀. Ó wo rìsíìtì ìṣúráǹsì tèmi, ó ní ó tọ́, ó sì dá a padà fún mi. Ó wá gbé ọwọ́ lé tábìlì.

"Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ìyá tó bá ti jẹ́ opó, tí owó tó ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀ kò sì kọjá iye tí òfin sọ, ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè gba àláwáǹsì lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ju ọmọ kan lọ, a ó pín in fún wọn. Ẹni tó ná jù ló máa gbà jù. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí kálukú gbà á lódindi."

Ó bi Màámi bóyá ó ń ṣòwò.

"Ojú ti gba ọjà lọ́wọ́ mi," Màámi ní. "Yàrá kan ni mo fi háyà. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, nínú àwọn ọmọ yín wọ̀nyí, ta ló ń bọ́ yín?"

Èmi ò lè wo ẹ̀gbọ́n mi. Fáànù ń dún lókè. Màámi tún ìró rẹ̀ ró, bí ìgbà tó bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Àgbà inú wọn ń tún ilé ṣe. Èyí obìnrin ń gbé owó wá lóṣooṣù, kò yẹ̀ ẹ́ rí. Ọlọ́run á dá a padà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ta ló ń bọ́ mi. Ẹni tó fà mí wọlé yìí ló ń bọ́ mi. Òun ló ń ra oúnjẹ, òun ló ń sè é. Owó tí ọmọ mi ń mú wá kì í ju ìdajì oṣù lọ. Bó bá tán, ọmọ yìí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, owó oṣù tirẹ̀ la máa ń jẹ."

Ọmọbìnrin náà tẹ orí ba. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo mọ ohun tí ọjà ti dà láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà ń rà nínú gààrí àti ìrẹsì tó gbówó lórí, síbẹ̀ iye kan náà ni mò ń gbé fún Màámi, n kò sì bi í rí bóyá ó ń tó.

Ọkùnrin onífìlà funfun náà yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ṣé ẹ ń kọ orúkọ Màmá sínú fọ́ọ̀mù tiyín?"

"Rárá, sà. Mo rò pé ọmọ bíbí inú wọn nìkan ló lè kọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́. Ọ̀nà tiyín ló yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ kì í ṣe ọmọ rẹ̀, nítorí náà pé ó jẹ́ opó nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan yín tí ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kó lè bọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ojú Màmá, kó kọ ọ́ síwèé."

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí wọ́n yọ tòun kúrò lórí Màámi.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ilé ẹjọ́ lẹ wà o," ọkùnrin náà ní. "Ẹ̀tọ́ yín ni, níwọ̀n ohun tí ẹ bá ná."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ yọ ọ́. Kí àwọn méjèèjì pín in."

Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé owó orí tó ń wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi lé díẹ̀, nítorí apá kékeré ló kù fún mi lórí Màámi. Èmi náà sì fi kún ohun tí mò ń gbé lọ sí Aké. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ju ọkọ mi lọ.

Ti ìwé dókítà ló wá kù. Láti ìgbà tí ojú Màámi ti ń ṣú la ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ ọsibítù. "Ogbó ni," ló máa ń wí, "dókítà wo ló ń wo ogbó?" Lọ́tẹ̀ yìí kò jiyàn. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ àbúrò òun pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ti Ìtòrí wá gbé e lọ nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Dókítà náà tan iná sí i lójú, ó yẹ ọ̀tún, ó yẹ òsì. Ó kọ ìwé tí a wá gbà, pé obìnrin náà kò ríran tó láti ṣiṣẹ́. Ó wá fi bírò sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi í sílẹ̀ báyìí? Nǹkan funfun ló bo ẹyinjú rẹ̀. A lè yọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò gbọ́. Dókítà tún un sọ.

Ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ò jẹ́ kí Màámi tètè gbà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀, torí ó ti rí àwọn tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ní ọsibítù tí wọ́n padà sílé láyọ̀. Nígbà tó gbà, ẹ̀gbọ́n mi ló san owó iṣẹ́ abẹ, èmi ra oògùn, ọmọbìnrin náà sì ń sùn tì í nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Ní àárọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì náà, gbogbo wa dúró yí i ká. Màámi ṣẹ́jú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín sí irun funfun tó ti wọ irùngbọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ pé òun mọ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ó mà ti rù o," ló sọ fún wa. "Ọmọ yìí ti rù, ẹ ò sì sọ fún mi."