Ìyá Mi Tún Èémí Rẹ̀ Ṣe Kó Tó Lọ Rí Dókítà

Kí wọ́n tó pe ìyá mi wọlé fún àyẹ̀wò èémí, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó pẹ́ díẹ̀ nílé ìtọ̀, nígbà tó sì jáde, ó ń rìn bí ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mushin, tí àwọn tíṣà á máa yà fún un lọ́nà. Mo rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, nǹkan kì í sábà sọ nǹkan kan sí mi lọ́kàn mọ́.

Yàrá àyẹ̀wò yẹn náà ni wọ́n ti yẹ èémí bàbá mi wò. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jáde wéré, kò sí ohun tó dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó lè fà sínú ló kéré jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn èémí rẹ̀ nìkan kò tó láti fi parí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kó lọ ya àwòrán àyà, kí wọ́n sì wọn bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gan, bíi fóòmù tí wọ́n sá sóòrùn pẹ́. Kò lo ọdún púpọ̀ mọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jù níbi ìsìnkú nípa bí bàbá mi ṣe fi ìgboyà ja àìsàn, kò bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí náà wọ́n fún un ní máíkì.

Nígbà tí ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Surulere, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ohun tó pa bàbá mi ni?

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, obìnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà fi ike kan há imú ìyá mi kí afẹ́fẹ́ má baà gba ibẹ̀ jáde.

“Ṣé aṣọ tí wọ́n sá ni mí ni, tí o fi ń fi pẹ́ẹ̀gì há mi?” ni ìyá mi wí.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ fa èémí sínú, ẹ fà á kún! Ó yá, ẹ tú u jáde! Ẹ lé e, ẹ lé e, ẹ lé e! Ẹ má dúró, ó ṣì kù!”

Ìyá mi yọ páìpù ẹ̀rọ tó ń fẹ́ lẹ́nu. “Kò kù mọ́.”

“Ó kù o. Ẹ ti sọ̀rọ̀, Mọ́mì, ìyẹn ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

“Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ. Mi ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni báyìí rí.”

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún un fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ dáadáa, títí ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ fi tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi rántí pé ọmọ Ìjẹ̀bú lòun. Nígbà tó rántí, ó ṣàlàyé fún wa. Nọ́ńbà méjì ló ń wò: gbogbo afẹ́fẹ́ tí ìyá mi lè tú jáde, àti èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí èyí tó pọ̀ jù ti jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ yẹn. Ti ìyá mi, àpapọ̀ rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yọ́ jáde.

“Ilé tóbi, ilẹ̀kùn ló há,” ó ní. Mo ti sọ ti bàbá mi fún un. “Ti Dádì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ilé ló kéré.”

Kì í ṣe ti bàbá mi nìyẹn. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo ń wo fáànù tó ń yí lókè.

“Kò tíì tán,” dókítà ní. “Ṣé ilẹ̀kùn tó há yìí ṣì lè ṣí?”

Wọ́n fi ike gbọọrọ kan fín oògùn sí ìyá mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹrin, oògùn tó ń tú ọ̀nà èémí. A dúró bí ìdámẹ́rin wákàtí. Dókítà ní tí ọ̀nà náà bá ṣí gan-an, asimá ló jọ, ìyẹn ikọ́ fée, iṣan ló kàn fún ọ̀nà náà mọ́ra. Tí kò bá ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èéfín igi àti kẹrosíìnì tó ti ń fi dáná láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ba ọ̀nà náà jẹ́. Oògùn ṣì máa ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò ní padà.

Ìyá mi tún fẹ́ ẹ. Ìlà kejì sùn lé ìlà àkọ́kọ́ bí ìbejì lórí ẹní.

Ohùn dókítà rọ̀. Mo mọ ohùn yẹn, òun ni wọ́n fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo ní a dúpẹ́, mo sì mú ìyá mi jáde.

Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, mo ní kó sinmi díẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ sinmi fún? Mo ti fa tèmi kí wọ́n tó pè mí.”

“Ẹ fa kí ni?”

Ó fi ọwọ́ lu báàgì. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tí kẹ́míìsì àdúgbò wa tà fún un ló wà níbẹ̀.

“Mọ́mì, wọ́n ní kí ẹ má fà á láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún yín.”

“Àwọn tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń bá wí. Ṣé kí n wá jókòó síwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n máa mí hẹ̀hẹ̀ bí ajá ni?”

Ìyá mi nìyẹn. Tí ọ̀gá àyẹ̀wò bá ń bọ̀ nílé-ìwé, yóò kọ́kọ́ kun ilé ìgbẹ́ lọ́dà.

Mo padà sókè. Dókítà di orí mú. Ó ní oògùn tí a fẹ́ fi dán ọ̀nà èémí wò ti wà nínú ara ìyá mi tẹ́lẹ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má fa ínhélà láàárọ̀ náà, àfi tí èémí bá dà á láàmú gan-an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo mú ínhélà sápò. Láti Ojúẹlẹ́gbà ni àyà rẹ̀ ti ń súfèé nínú ọkọ̀. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń súfèé.

Nọ́ńbà rẹ̀ ré wálẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

“Mo fìdí rẹmi,” ó ní.

Wọ́n fín oògùn sí i, a dúró, ó tún fẹ́ ẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà kejì fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ jìnnà.

“Mọ́mì, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́sí lẹ parí sí lónìí,” dókítà ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ó ṣí! Asimá ló jọ.” Ó kọ ínhélà mìíràn fún un, èyí tí yóò máa fà lójoojúmọ́ kí ara ọ̀nà náà lè rọlẹ̀, ó ní ọ̀nà náà ṣì há díẹ̀, ká padà wá kí òun tún un wò.

“Ìgbà tí mo wá múra, ẹ ní mo ti bàjẹ́. Ìgbà tí mo wá bí alárùn, ẹ ń rẹ́rìn-ín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

Ó wò mí bíi pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi ló fa ìyẹn náà.

Nígbà tí à ń padà, kò súfèé mọ́. Mo ń fetí sílẹ̀ bóyá inú mi á dùn. Ó kọjú sí mi.

“Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹ́ kí òun náà tún un fẹ́ lẹ́yìn oògùn?”

“Wọ́n jẹ́ kó fẹ́ ẹ.”

“Kò ṣí?”

“Kì í ṣe ilẹ̀kùn, Mọ́mì.”

Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi í sínú báàgì.

“Ilé ni,” ó ní.

“Ilé ni.”